Etí Funfun Lára Àwòrán Tí A Gé: Ibi Tó Ti Ń Wá àti Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ́

   

Àkòrí tí ẹ̀yin ayafótò, oníbáánà àti atẹ̀wé fún mi kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ìlà funfun ni, tàbí ìlà aláwọ̀, tó máa ń yí ènìyàn ká nígbà tí a bá gé àwòrán rẹ̀ kúrò níbi tí a ti yà á, tí a wá gbé e sórí ẹ̀yìn tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ń sin òkú àgbà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ wo báánà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ́rìn-ín, gèlè rẹ̀ dúró dáadáa, àwọ̀ wáìnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì níyì. Ṣùgbọ́n ohun kan tó dà bí ẹfun tẹ̀ lé èjìká ìyá lọ sókè, ó yí etí ká, ó sì gba orí gèlè kọjá. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa pàápàá á rí i pé wọ́n lẹ ìyá mọ́ ibẹ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ìlà yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ etí àwòrán. Ògiri tí ìyá dúró sí níwájú ni, ó ti wọ inú etí náà lọ. Ẹni tó bá ń gé e dànù láìyọ àwọ̀ ògiri kúrò á kàn máa gé ìyá kéré sí i ni.

Ohun tó wà nínú etí

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó wọ́pọ̀ láàrin wa. Gbogbo wa la mọ bí àwọn ènìyàn agbègbè Èjìgbò ṣe pọ̀ tó ní Abíjáǹ. Ìyá kan kú sílé, fótò rẹ̀ tó dára jù lọ sì wà lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní Kodifuáà. Ọdún tí ìyá lọ kí wọn ni wọ́n yà á, níwájú ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ kíríìmù. Ọmọ fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ẹbí fẹ́ báánà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó ga ní 6, ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó jẹ́ wáìnì.

Gbogbo àwòrán inú kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ àmì kéékèèké tí à ń pè ní píkísẹ́lì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, nọ́ńbà àwọ̀ ewé nìkan ni màá fi ṣírò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá jẹ́ 58, ti ògiri jẹ́ 240, ti wáìnì tí a fẹ́ gbé e lé sì jẹ́ 10.

Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ parí kì í bọ́ sí ààlà píkísẹ́lì gẹ́lẹ́. Ó máa ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Píkísẹ́lì tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ògiri, kò lè mú àwọ̀ méjì. Ó máa pò wọ́n pọ̀ ni: 58 àti 240, ká pín in sí méjì, ó di 149. Bí ìgbà tí ènìyàn ro èlùbọ́ mọ́ láfún nínú ìkòkò kan ni. Kò sí ìpabẹ̀ tó lè ha láfún kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí 149 yẹn wà láàrin ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ògiri, kò sí ẹni tó rí i. Ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà, òun ló ń mú kí etí rọ̀ lójú. Ẹ wá gbé e sórí wáìnì. 58 wà lápá kan, 10 wà lápá kejì, 149 sì jókòó sáàárín wọn, ó mọ́lẹ̀ ju méjèèjì lọ. Ìlà funfun nìyẹn. Bí ìbòjú tí a fi gé e bá rọ̀ dáadáa, tí ó gbà pé ìdajì píkísẹ́lì náà ni ìyá ní, kọ̀ǹpútà á pò 149 mọ́ 10, á di nǹkan bíi 80. Ó dín, ṣùgbọ́n kò tíì tọ́. Tí ó bá jẹ́ iwájú wáìnì gan-an ni ìyá dúró, 58 àti 10 ni ìbá pò, ìbá sì jẹ́ 34.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìṣirò mi yìí ṣàánú wa. Ìmọ́lẹ̀ ti pò tán nínú kámẹ́rà kó tó sọ ọ́ di nọ́ńbà, nọ́ńbà wọ̀nyí kì í sì í gòkè bí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń gòkè. Nítorí náà, ìdajì ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìdajì ògiri máa ń jáde ní nǹkan bíi 180, kì í ṣe 149. Ìdí nìyẹn tí ìlà funfun fi máa ń le ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Àwọn baba wa tó ti ń ya fótò láti ìgbà fíìmù lè bi mí pé, ṣé a kì í so àwòrán pọ̀ láyé fíìmù ni? À ń so ó. Ní 1978, ayafótò ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa àwọn ayafótò Ìlá Ọ̀ràngún, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fótò ìbejì nígbà tí ọ̀kan bá ti kú: wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan bíi pé àwọn méjì ló jọ jókòó. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Bí aṣọ ẹ̀yìn tó wà nínú méjèèjì bá sì jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí ìlà funfun tó lè yọ, nítorí àwọ̀ tó pò mọ́ etí ọmọ náà ló tún bá níbẹ̀. Àwa ni a ń gbé ènìyàn kúrò ní ẹ̀yìn kan lọ sí ẹ̀yìn mìíràn, àwa náà ni a sì ń rí ìyọnu.

Kí ló dé tí kò hàn lórí fóònù?

Àwòrán tó ní píkísẹ́lì 1000 ní fífẹ̀, bí a bá tẹ̀ ẹ́ fún ìwé ètò ìsìnkú ní 300 sí íǹṣì kan, ìlà tó nípọn tó píkísẹ́lì 3 kò ní ju ìdá mẹ́rin mìlímítà kan lọ. Ojú á fò ó. Ẹ gbé àwòrán kan náà sórí báánà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4, tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 122. Píkísẹ́lì kan ti di mìlímítà 1.2, ìlà náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 4. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà á rí i. Nítorí náà, ẹ má fi fóònù oníbàárà yẹ iṣẹ́ báánà wò. Ẹ gbé e sí 100% àti 200% lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi àwọ̀ tí a máa tẹ̀ gan-an sí abẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gé ìyá lórí ẹ̀yìn funfun, tó wá fi wáìnì sí i nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹbí dé, ti fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn.

Ìlà mélòó ló wà?

Kí a tó mú ọwọ́ bá iṣẹ́, ó yẹ ká mọ irú ìlà tó wà níwájú wa, nítorí wọn kò gba oògùn kan náà.

Bí ìlà bá mú àwọ̀ ògiri, tó yí ènìyàn ká láìyọ ibì kan sílẹ̀, ògiri tó pò mọ́ etí nìyẹn, èyí tí mo ti ń sọ. Bí ìlà bá mọ́lẹ̀ ju ògiri fúnra rẹ̀ lọ, fóònù ló dá a sílẹ̀. Púpọ̀ nínú fóònù ló máa ń mú etí nǹkan le kí àwòrán lè dà bí èyí tó ṣe kedere, wọ́n á sì fi ìlà títàn sí ìhà ògiri. Èyí rọrùn, nítorí ìta ara ìyá ló wà: ẹ fa etí ìbòjú wọlé ní píkísẹ́lì kan tàbí méjì, ó ti lọ. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ elése àlùkò lápá kan, tí apá kejì jẹ́ àwọ̀ ewé, tí ó sì ń le sí i bí ó ṣe ń sún mọ́ igun fótò, lẹ́ńsì ni. Kò kó àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí ojú kan. Ẹ wo èyí kí ẹ tó gé ohunkóhun, nínú Camera Raw, lábẹ́ `Optics`, ẹ fọwọ́ sí `Remove Chromatic Aberration`. Bí ó bá ṣẹ́ kù, `Defringe` wà lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni àwọ̀ tó wọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí èjìká jìnnà, tó fẹ̀ tó ìka kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ta láti ara ògiri ni. Ògiri aláwọ̀ ewé á sọ ẹ̀gbẹ́ ojú di àwọ̀ ewé ní tòótọ́. Etí kọ́ ni àrùn yẹn wà, kò sì sí bí a ṣe máa gé etí tó máa lọ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó wà ní `Color`, pẹ̀lú àwọ̀ ara tí a mú láti àárín ojú, ló ń tún un ṣe.

Ti Wọ́sáàpù náà wà ńbẹ̀. Nígbà tó bá ń fún àwòrán mọ́lẹ̀ di JPEG kékeré, àwọ̀ ẹyọ kan ló sábà máa ń tọ́jú fún píkísẹ́lì mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn wọn á dúró, ṣùgbọ́n àwọ̀ ògiri á wọ inú ara ìyá ní píkísẹ́lì kan tàbí méjì sí i. Ẹ sọ fún ọmọ tó wà ní Abíjáǹ pé kó fi fótò ránṣẹ́ bíi `Document`. Ohun tí gbólóhùn yẹn á gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ju wákàtí kan lọ.

Yíyọ ògiri kúrò

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó bá rí ìlà funfun, tó gé píkísẹ́lì 3 sọ nù yíká, ìlà á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka á tín-ín-rín, eteetí gèlè á le bí páálí, irun á sì parẹ́ pátápátá. Ìṣirò tó pò àwọ̀ pọ̀ ni a gbọ́dọ̀ yí padà.

Thomas Porter àti Tom Duff ló kọ ìlànà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to àwòrán lé ara wọn jáde ní 1984. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
C = a × F + (1 − a) × B
F = (C − (1 − a) × B) ÷ a
```

C ni àwọ̀ tí a rí, F ni àwọ̀ ìyá, B ni ti ògiri, a sì ni ìpín tí ìyá ní nínú píkísẹ́lì náà, láti 0 dé 1. Ìlà kìíní ni bí kámẹ́rà ṣe pò ó, ìlà kejì ni bí a ṣe ń tú u. Ẹ fi nọ́ńbà wa dán an wò: 149, ẹ yọ ìdajì 240 kúrò, ó ku 29, ẹ fi 0.5 pín 29, ó di 58. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá padà wá.

Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ ṣe èyí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún píkísẹ́lì. Photoshop àti GIMP ń bá wa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kò ní mọ ìgbà tí wọ́n ṣì í ṣe. Ẹ mú `Remove White Matte`, tó wà lábẹ́ `Layer`, nínú `Matting`. Ó gbà pé ògiri funfun báláú ni, 255. Tiwa sì jẹ́ 240. Níbi tí ìyá bá ti ní ìdá kan nínú márùn-ún, àwọ̀ tí a rí jẹ́ nǹkan bíi 204. Àṣẹ yìí á yọ 204 kúrò nínú rẹ̀, òdo ló kù. Ìlà funfun ti di ìlà dúdú. Mo ti rí báánà tó dà bíi pé wọ́n fi léèdì kọ yí ènìyàn ká. Ibẹ̀ ló ti wá.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ má fi írésà pa ẹ̀yìn rẹ́. `Layer Mask` ni kí ẹ lò, kí ohun tí ẹ bá gé jù lè padà. Ẹ wọ `Select and Mask`, ẹ fi `Shift Edge` wọlé díẹ̀, −10% sí −20%, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, torí ìlà tí fóònù fà nìkan ni èyí wà fún. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ sí `Decontaminate Colors`. Òun ló ń lé àwọ̀ ògiri jáde nínú etí, tó ń fi àwọ̀ tó wà nínú lọ́hùn-ún rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní kó gbé èsì jáde sí `New Layer with Layer Mask`, kí ojúlówó fótò lè wà lábẹ́ rẹ̀ láìyí padà.

Ibi tí ìlà bá kù sí, bí abẹ́ àgbọ̀n tàbí àárín ìka, ọwọ́ ló kù. Ẹ ṣí léyà tuntun sókè, ẹ fi Ctrl+Alt+G so ó mọ́ àwòrán ìyá, kí búrọ́ọ̀ṣì má baà kọjá ara rẹ̀. Ẹ fi léyà náà sí `Darken`, ẹ mú àwọ̀ láti píkísẹ́lì bíi márùn-ún sínú, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé etí. Ẹwà `Darken` ni pé ohun tó mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ ọwọ́ yín lọ nìkan ló ń fọwọ́ kàn. Òjìji tó ti wà níbẹ̀ á dúró. Bí ẹ bá kúrò lára awọ tí ẹ dé orí gèlè, ẹ mú àwọ̀ tuntun. Àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lára gèlè burú ju ìlà funfun lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo GIMP, `Color to Alpha` ń ṣe irú ìṣirò ìlà kejì yẹn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń yan a, àwọ̀ ògiri tí ẹ bá sì fi hàn án ló ń lò. Ewu rẹ̀ ni pé bí ìyá bá wọ léèsì kíríìmù, á rò pé ògiri ni, á sì lu léèsì níhò. Nítorí náà, ẹ fi `Border` yan etí nìkan, píkísẹ́lì 3 péré, kí ẹ tó pè é.

Ewú

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ nìyí, nítorí àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí níbòmíràn kì í sábà sọ ọ́. Wọ́n á ní kí ẹ pa gbogbo etí tó bá mọ́lẹ̀. Àwa sì mọ̀ pé ewú logbó. Ìyá tó dàgbà ní irun funfun lẹ́bàá etí, lábẹ́ gèlè. Bí ẹ bá fi `Darken` gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ti sọ ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún di ọmọ ogójì, ọmọ rẹ̀ á sì sọ pé òun kò mọ ẹni tó wà nínú àwòrán.

Báwo la ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ìlà ògiri nípọn bákan náà yíká, kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin. Ewú jẹ́ fọ́nrán, ó nípọn níbi kan, ó tín-ín-rín níbi kejì, ó sì ní gbòǹgbò tí ẹ lè tẹ̀ lé wọ inú orí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà wà, tó máa ń mú èjìká kan tàn: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà, òjìji imú á sì jẹ́rìí sí i pé apá ibẹ̀ ni oòrùn wà. Òwú títàn inú aṣọ òkè náà máa ń tàn létí gèlè, ṣùgbọ́n ó ń tàn láàárín gèlè pẹ̀lú. Kí ẹ fi irú ìwọ̀nyí sílẹ̀.

Ibẹ̀ náà sì ni agbára ìṣirò wa pin sí. Lákọ̀ọ́kọ́, fọ́nrán irun kan lè má ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá píkísẹ́lì lọ. Bí a bá fi 0.1 pín, àṣìṣe 2 péré tí JPEG fi sínú nọ́ńbà á di 20. Irun á di àmì aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ọsàn káàkiri. Ìkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ewú níwájú ògiri kíríìmù, àwọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Kò sí sọ́fítíwià tó lè sọ ibi tí irun ti parí, nítorí kò sí nínú fótò. Ẹ gé e mọ́ ibi tí irun ti nípọn, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì píkísẹ́lì kan sí méjì, ẹ mú àwọ̀ eérú mẹ́ta láti inú irun fúnra rẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, èyí tó wà láàárín àti èyí tó ṣókùnkùn, ẹ wá fa fọ́nrán díẹ̀ jáde sórí wáìnì. Díẹ̀ ni mo wí. Fọ́nrán mẹ́fà tó tẹ̀ síbi tó yẹ sàn ju ọgọ́ta lọ.

Bí a bá pè yín láti ya àgbà, tí ẹ sì mọ̀ pé àwòrán náà á padà wá di gígé lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn kúrò níwájú ògiri funfun. Ògiri amọ̀, ilẹ̀kùn pákó, aṣọ àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn, ẹ fi èyíkéyìí sẹ́yìn wọn, kí wọ́n sì jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6 kí àwọ̀ rẹ̀ má ta sí wọn lára. Bí ẹ̀yìn àkọ́kọ́ bá jẹ́ 60, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ 58, etí á jẹ́ 59. Ẹ gbé e sórí wáìnì, dúdú tàbí búlúù, kò sí ohun tí ojú máa rí. Irun funfun á sì yọ kedere níwájú rẹ̀, ìṣòro tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní wáyé.

  Kọ̀ǹpútà mi wà lórí tábìlì lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé fótò dání kó mú un wá, kí a jọ wo etí rẹ̀.